Kókó inú ilé-ẹyin: ó bẹ́ ni, àbí ó lọ́? Àbúrò mi ń jẹ̀rora láti alẹ́

Ìbídùn (aago 11:10 alẹ́)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún 24, ní kókó kan nínú ilé-ẹyin ọwọ́ ọ̀tún. Síkáànù ló fi hàn ní oṣù méjì sẹ́yìn, wọ́n ní ká máa ṣọ́ ọ. Ní nǹkan bí aago 8:40 alẹ́ òní, ó ń fo okùn lọ́wọ́ ni ìrora kan ṣàdédé gún un ní ìsàlẹ̀ ikùn lápá ọ̀tún, ló bá jókòó sílẹ̀ lójijì. Ó bì lẹ́ẹ̀mejì. Ní 9:30 ó rọlẹ̀, a rò pé ó ti tán, àfi bó ṣe tún dé ní 10:40. Ní báyìí ó ti tún rọ̀ díẹ̀, ó ń tòògbé. Ṣé ká jẹ́ kó sùn di àárọ̀, àbí ká gbé e lọ sí ọsibítù lóru yìí?

Ìyá Ìbejì (11:18)

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Kókó yẹn ti bẹ́ ni, ẹ má fòyà. Tèmi bẹ́ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Ó gún mi bí ọ̀bẹ, mi ò lè nà ró fún bíi wákàtí kan, lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nígbà tó di ọjọ́ kẹta mi ò rántí rẹ̀ mọ́. Dókítà sọ fún mi pé omi inú kókó tó bẹ́ á tú sínú ikùn, ara á sì fà á mu fúnra rẹ̀. Parasitamọ́ ni mo lò, mo sì fi ìgò omi gbígbóná lé ikùn. Ẹ jẹ́ kí ọmọ sùn. Bó ṣe ń rọ̀ yẹn, ó ti ń lọ nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀dù Obìnrin (11:26)

Ìyá Ìbejì, òótọ́ lẹ sọ nípa tiyín. Ṣùgbọ́n ẹ tún un wò: tiyín rọlẹ̀, kò sì padà wá mọ́. Ti ọmọ yìí ń lọ, ó ń bọ̀. Ìyẹn ni ò jẹ́ kí n lè dákẹ́.

Kókó tó bá bẹ́, ẹ̀ẹ̀kan ló ń bẹ́. Ìrora rẹ̀ máa ń le jù níbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà á máa dín kù. Ìrora tó bá ká èèyàn mọ́ lójijì, tó lọ, tó tún padà dé pẹ̀lú èébì, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń rò ni pé ilé-ẹyin ló ń lọ́. Ilé-ẹyin kì í ṣe ohun tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀. Okùn ara méjì ló so ó rọ̀, ọ̀kan láti ẹ̀gbẹ́ ikùn, ọ̀kan láti ara ilé-ọmọ. Tí kókó bá mú un wúwo, ó lè yí po lórí okùn wọ̀nyẹn bí ìgbà tí èèyàn ń fún aṣọ. Ó tún lè tú ara rẹ̀ díẹ̀, ìrora á rọ̀, ẹ ó rò pé ó ti parí. Kò pẹ́ á tún yí.

Ẹ dá mi lóhùn: báwo ni kókó náà ṣe tóbi tó lórí ìwé síkáànù? Ọjọ́ wo ni nǹkan oṣù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kẹ́yìn? Ṣé ó ṣeé ṣe kó lóyún? Ṣé òòyì ń kọ́ ọ tó bá dìde? Ṣé ara rẹ̀ gbóná? Ẹ má torí ìbéèrè mi jókòó o. Ẹ máa dáhùn, ẹ máa wọ bàtà.

Ìbídùn (11:34)

Ẹ ṣé mà. Ìwé náà wà lọ́wọ́ mi: 7 sẹ̀ǹtímítà, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀rá àti ohun tó jọ irun wà nínú rẹ̀. Nǹkan oṣù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 11 sẹ́yìn. Ó ní òun ò lóyún, ṣùgbọ́n a ò tíì yẹ̀ ẹ́ wò. Ara rẹ̀ ò gbóná, òòyì ò kọ́ ọ. Ó ti jí báyìí, ó ní ó tún ti ń dé.

Akọ̀wé Kékeré (11:37)

Ẹ lọ gba oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí fún un jàre. Ẹ̀gbọ́n mi lò ó fún oṣù mẹ́ta, kókó tiẹ̀ sì yọ́ dànù. Kí la tún ń wá dé ọsibítù?

Akin Olóògùn (11:41)

Ọwọ́ ọ̀tún, ìsàlẹ̀ ikùn, èébì. Apẹ́ńdíìsì ni. Kí lẹ̀ ń fa ọ̀rọ̀ gùn sí?

Nọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀dù Obìnrin (11:49)

Akin, ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, wọn yóò sì wò ó. Ṣùgbọ́n apẹ́ńdíìsì kì í sábà dé ní ìṣẹ́jú kan. Àyíká ìdodo ló máa ń ti bẹ̀rẹ̀, á máa le sí i fún ọ̀pọ̀ wákàtí kó tó ṣí lọ sọ́wọ́ ọ̀tún. Ọmọ yìí lè sọ ìṣẹ́jú tí tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé ìwọ lo tọ̀nà, ọsibítù náà ni wọ́n ń lọ.

Akọ̀wé, ohun tí wọ́n béèrè kọ́ nìyẹn. Oògùn yẹn kì í jẹ́ kí ẹyin tuntun jáde, ó lè tipa bẹ́ẹ̀ dín kókó tuntun kù. Èyí tó ti wà nílẹ̀, kì í yọ́ ọ. Kókó olómi lásán ni ti ẹ̀gbọ́n rẹ á jẹ́, irú wọn máa ń lọ fúnra wọn láàárín oṣù méjì mẹ́ta, bóyá èèyàn lo oògùn, bóyá kò lò ó. Èyí tó ní irun àti ọ̀rá nínú kì í lọ.

Ìbídùn, ohun tí mo rí nínú ìdáhùn yín rèé. Kókó tó sábà ń bẹ́ tó sì ń ta ẹ̀jẹ̀ ni èyí tó ń yọ lójú ibi tí ẹyin ti jáde. Nítorí náà, apá kejì oṣù ni irú rẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀, nígbà tí nǹkan oṣù ti ń sún mọ́lé. Ọjọ́ 11 ni àbúrò yín wà, ó ṣeé ṣe kí ẹyin oṣù yìí má tíì jáde pàápàá. Kókó onírun ní tirẹ̀, awọ rẹ̀ nípọn, kì í sábà bẹ́, àmọ́ ó wúwo, ó sì wà lára àwọn tó ń lọ́ jù. Láti bíi 5 sẹ̀ǹtímítà lọ sókè la ti ń ṣọ́ra, tirẹ̀ sì jẹ́ 7. Ọwọ́ ọ̀tún ló tún ń lọ́ ju ọwọ́ òsì lọ, torí ìfun ńlá ti gba àyè lápá òsì, kò sí ibi tí nǹkan ti fẹ́ yí. Ẹ wá fi okùn tó ń fò kún un.

Ẹ gbé e lọ báyìí, kó sì jẹ́ ibi tí wọ́n ti lè ṣe iṣẹ́ abẹ lóru. Ẹ má fún un ní oúnjẹ, ẹ má fún un ní nǹkan mímu. Tí ìrora bá pọ̀ lójú ọ̀nà, parasitamọ́ pẹ̀lú omi ẹnu kan kò burú, kì í bo àìsàn mọ́ dókítà lójú bí àwọn kan ṣe ń rò. Áspírìn àti ibuprófẹ̀n ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ títí wọ́n á fi mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ kò tú sínú ikùn. Ẹ mú ìwé síkáànù yẹn lọ́wọ́.

Bàbá Ìdòwú (11:58)

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un, torí mo rí i pé ẹ ti fẹ́ máa pe bíbẹ́ ní ohun kékeré. Ìyàwó mi ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó dì sí i lẹ́sẹ̀ nígbà kan. Ó ku ọjọ́ márùn-ún kí nǹkan oṣù rẹ̀ dé. A bára wa sùn lóru, kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ lẹ́yìn rẹ̀ tó di ikùn mú. Ní wákàtí méjì sígbà náà ó ní ìsàlẹ̀ ikùn ti sàn díẹ̀, àmọ́ èjìká ọ̀tún ló kù tó ń dun òun, pàápàá tóun bá sùn gbalaja. Èmi rò pé ó fi ọrùn sùn sódì ni. Mo gbé ìpara, mo ń fi ra á ní èjìká! Nígbà tó dìde láti lọ tọ̀, ó ṣubú lulẹ̀.

Ní ọsibítù, ọkàn rẹ̀ ń lù ní 128 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìfúnpá rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀ dé 84. Ìdánwò ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ jáde bíi pé kò sí nǹkan, mo tilẹ̀ ti fẹ́ máa dúpẹ́. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ tó ń tú lọ́wọ́ kì í tètè hàn lórí ìwé, pé ìlù ọkàn lòun ń wò. Wọ́n là á, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bu jáde lé ní lítà kan àti ààbọ̀. Kókó tó bẹ́ náà kò ju 3 sẹ̀ǹtímítà lọ.

Ìyá Ìbejì (12:04)

Yéè. Èjìká kẹ̀? Kí ló kan èjìká nínú ọ̀rọ̀ ilé-ẹyin?

Bàbá Ìdòwú (12:09)

Bí wọ́n ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi ni pé tí ẹ̀jẹ̀ bá pọ̀ nínú ikùn, téèyàn sì sùn sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ náà á ṣàn dé abẹ́ awọ tó pààlà àyà àti ikùn. Iṣan ìmọ̀lára kan náà ló ń jíṣẹ́ ibẹ̀ àti ti èjìká, ọpọlọ ò wá mọ èwo lèwo. Láti ọjọ́ náà, obìnrin tó bá ní ikùn ń dun òun tó sì mẹ́nu kan èjìká, mi ò kì í jẹ́ kó parí gbólóhùn.

Ìbídùn (12:15)

A ti wà lójú ọ̀nà. Ó tún bì. Ẹ máa bá wa gbàdúrà.

Ìbídùn (1:22 òru)

A ti débẹ̀ láti 12:40. Wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, kò sí oyún, kò sí àrùn. Wọ́n fún un lábẹ́rẹ́ ìrora. Wọ́n ṣe síkáànù, kókó náà ti di 7.5. Dókítà kékeré tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní òun rí ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn nínú ilé-ẹyin náà dáadáa, nítorí náà kò lọ́. Ó ní ká máa lọ sílé, ká padà wá rí dókítà àwọn obìnrin lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ìrora ti lọ látìgbà abẹ́rẹ́. Kí ni kí n ṣe? Mi ò fẹ́ dà bí ẹni tó ń bá dókítà jà.

Ayàwòrán Inú (1:31)

Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun nìyí, síkáànù ni mò ń ṣe lójoojúmọ́. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn kò sọ pé kò lọ́. Tí kò bá sí ẹ̀jẹ̀ rárá, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹ̀rí pé ó ti lọ́. Ṣùgbọ́n tí ẹ̀jẹ̀ bá wà, a ò lè fi ṣẹ̀rí pé kò lọ́. Ìdí rẹ̀ ni pé iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde, awọ rẹ̀ tín-ín-rín, òun ni lílọ́ ń kọ́kọ́ tẹ̀ pa. Èyí tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọlé le, ó ṣì ń tú ẹ̀jẹ̀ síbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń wọlé, kò rí ọ̀nà jáde, ilé-ẹyin á bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ọ̀nà méjì ni ẹ̀jẹ̀ sì ń gbà dé ibẹ̀, ọ̀kan láti òkè, ọ̀kan láti ìhà ilé-ọmọ. Ó lè tún jẹ́ pé nígbà tí wọ́n ń wò ó gan-an ló tú ara rẹ̀.

Ohun tí mo máa ń wá ju àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ lọ ni bí ilé-ẹyin fúnra rẹ̀ ṣe wú sí ti ẹ̀gbẹ́ kejì. Mo tún máa ń wo ibi tó wà: èyí tó lọ́ máa ń ṣí kúrò ní àyè rẹ̀ wá sí àárín, nígbà míì á wá gun orí ilé-ọmọ. Okùn rẹ̀ sì máa ń hàn bí ìgbín tó ká sínú ìkarahun, béèyàn bá ní sùúrù láti wá a. Ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta yìí lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é.

Nọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀dù Obìnrin (1:36)

Ìbídùn, ẹ ò ní bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹ lọ bá a jẹ́ẹ́jẹ́, kẹ́ ẹ sọ ọ́ báyìí: "Ẹ jọ̀ọ́ dókítà, ìrora yìí ti lọ, ó ti bọ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti alẹ́, ó ń bì, kókó rẹ̀ lé ní 7. Ẹ̀rù ń bà mí pé ilé-ẹyin ló ń lọ́. Ẹ jẹ́ kí dókítà àwọn obìnrin tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru yìí wò ó ká tó lọ." Kò sí dókítà tó gbọ́n tí á bínú sí ìyẹn. Tí wọ́n bá kọ̀, ẹ jókòó sí yàrá ìdúró. Abẹ́rẹ́ náà á tán lára rẹ̀ láìpẹ́, ìgbà náà la ó mọ̀.

Ìbídùn (1:58)

Ó ti tán lára rẹ̀. Ó pariwo débi pé àwọn ará wọ́ọ̀dù kejì jáde wò wá. Dókítà àgbà ti dé, obìnrin ni. Ó tẹ ikùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó gbé ẹ̀rọ síkáànù fúnra rẹ̀. Ilé-ẹyin ọ̀tún ti ju ìlọ́po mẹ́ta ti òsì lọ, ó sì ti wá sí àárín lórí ilé-ọmọ, gẹ́gẹ́ bí Ayàwòrán ṣe sọ. Omi díẹ̀ wà nínú ikùn. Ó ní òun ò lè fọwọ́ sọ̀yà títí òun yóò fi fi ojú rí i, pé inú yàrá iṣẹ́ abẹ nìkan ni wọ́n ti ń mọ èyí dájú. Wọ́n ti ní ká fọwọ́ síwèé. Kámẹ́rà ni wọ́n máa fi wọlé, ihò kéékèèké mẹ́ta.

Nínú ìwé náà, wọ́n kọ ọ́ pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n yọ ilé-ẹyin náà. Ó ń sunkún. Ó ní kí wọ́n má yọ ọ́.

Alàgbà Onísùúrù (2:10)

Ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́ tó bá ti dúdú. Ilé-ẹyin tó ti dúdú ti kú. Wọ́n kọ́ wa nígbà tiwa pé tí wọ́n bá tú u, ẹ̀jẹ̀ dídì inú rẹ̀ á sáré lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, á sì pa èèyàn. Ọ̀kan tó kù á tó o bí ọmọ.

Nọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀dù Obìnrin (2:19)

Alàgbà, mo bọ̀wọ̀ fún yín, wọ́n sì kọ́ wa bẹ́ẹ̀ náà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ń tú u láti ìgbà pípẹ́, ẹ̀jẹ̀ dídì tí à ń bẹ̀rù yẹn kò sì pọ̀ sí i nítorí títú. Àwọ̀ dúdú náà ń tanni jẹ. Ẹ̀jẹ̀ tí kò rí ọ̀nà jáde ló sọ ọ́ di dúdú, kì í ṣe gbogbo ìgbà ló túmọ̀ sí pé ó ti kú. Mo ti rí èyí tó dúdú bí ìṣáná tó jóná tí wọ́n tú, tí wọ́n dá padà sí àyè rẹ̀, tí síkáànù oṣù méjì lẹ́yìn náà sì fi ẹyin kéékèèké hàn nínú rẹ̀. Fún ọ̀dọ́ bí èyí, títú ni wọ́n máa kọ́kọ́ ṣe. Ìbídùn, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ fún dókítà kí wọ́n tó fún un lóògùn oorun, pé òun fẹ́ kí wọ́n gbìyànjú láti fi í sílẹ̀. Ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Lórí ọ̀kan tó kù, òótọ́ lẹ sọ, ọ̀kan tó fún ọmọ bíbí. Ṣùgbọ́n ta ló ń sọ pé ojú kan tó ó ríran, kó wá ju èkejì nù?

Ṣọlá M. (2:40)

Mi ò fẹ́ kọ nǹkan kan lálẹ́ yìí kí n má bàa dẹ́rù bà yín, àmọ́ oorun ò kùn mí. Ọmọ ọdún 19 ni mí nígbà tí tèmi ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni tèmi fi ń lọ tó ń bọ̀. Lọ́jọ́ kejì mo lọ sí ọsibítù kan, wọ́n ní inú rírun ni, wọ́n fún mi lóògùn ìgbẹ́. Lọ́jọ́ kẹta ìrora náà dáwọ́ dúró pátá, inú mi dùn, mo jáde lọ sí kíláàsì. Ibà dé lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí wọ́n là mí, kò sí ohun tí wọ́n lè tú mọ́, ó ti rà. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ̀ pé ìrora lè dákẹ́ nítorí pé ohun tó ń ké ti kú.

Mo ti bí ọmọ méjì láti ìgbà náà, ọ̀kan tó kù náà ló ṣe é. Ẹ sọ ìyẹn fún un tó bá jí.

Ìyá Ìbejì (2:46)

Ṣọlá, ẹ kú ìrọ́jú. Èmi ni mo ní kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ sùn o. Ọlọ́run má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ tèmi.

Akọ̀wé Kékeré (3:05)

Wákàtí mélòó ló ní kó tó bàjẹ́? Mo gbọ́ wákàtí mẹ́fà.

Nọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀dù Obìnrin (3:17)

Kò sí iye wákàtí tí mo lè fọwọ́ sí. Bó ṣe lọ́ le tó àti bóyá ó ń tú díẹ̀ láàárín ló ń pinnu rẹ̀. Àwọn kan ti yè é lẹ́yìn ọjọ́ kan gbáko, èyí tó lọ́ le gan-an lè bàjẹ́ kó tó tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa ka wákàtí, yálà láti sọ pé àkókò ṣì wà, tàbí láti sọ pé ó ti pẹ́ jù, kò sídìí láti lọ mọ́.

Ìbídùn (6:47 àárọ̀)

Ó ti jáde. Ó ti dá mi lóhùn, ó béèrè omi.

Ó lọ́ lóòótọ́: ìyípo méjì àti ààbọ̀, túùbù tí ẹyin ń gbà kọjá pẹ̀lú ilé-ẹyin lápapọ̀. Dókítà ní ó ti dúdú bí ẹ̀dọ̀ nígbà táwọn wọlé. Wọ́n tú u, wọ́n dúró, wọ́n ń wò ó. Apá kan rẹ̀ padà pupa díẹ̀díẹ̀, apá kan kò yí padà. Wọ́n yọ kókó náà jáde pẹ̀lú irun àti ọ̀rá inú rẹ̀, wọ́n sì fi ilé-ẹyin sílẹ̀. Wọ́n ti fi kókó náà ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò, wọ́n ní irú rẹ̀ kì í sábà jẹ́ jẹjẹrẹ. Síkáànù ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí i ló máa sọ bóyá ẹyin tún ń hù níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ibà bẹ̀rẹ̀, tàbí ikùn tún bẹ̀rẹ̀ sí í le, ká sáré padà wá.

Dókítà kékeré àná wá bẹ̀ wá lówùúrọ̀. Èmi náà ò bá a wí. Bí kì í bá ṣe ti yín, èmi náà ì bá ti gbé e lọ sílé tayọ̀tayọ̀.

Ayàwòrán Inú (7:15)

Ọpẹ́ ló yẹ wá. Ó dùn mọ́ mi pé ó bẹ̀ yín. Ìwé ìròyìn síkáànù máa ń kọ "ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn" ní ìlà kan, ìlà kan yẹn ló sì ń rán ọ̀pọ̀ èèyàn lọ sílé.

Tèmítọ́pẹ́ 4sm (ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà)

Mo ti ka gbogbo èyí, mi ò lè sùn mọ́. Tèmi jẹ́ 4 sẹ̀ǹtímítà, omi lásán ló wà nínú rẹ̀, kò dùn mí rí. Ṣé kí n lọ yọ ọ́ kó tó lọ́?

Nọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀dù Obìnrin

Ẹ sùn, ẹ jọ̀ọ́. Olómi lásán tó jẹ́ 4, ọ̀pọ̀ ló ń lọ fúnra rẹ̀, lílọ́ rẹ̀ kò sì wọ́pọ̀. Ẹ tún síkáànù ṣe nígbà tí dókítà yín bá dá. Tí ìrora bá ṣàdédé dé pẹ̀lú èébì, ẹ ti mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ. Ìgbà tí ikùn náà bá rọlẹ̀ tí kò sì padà mọ́, tí ẹ ò fẹ́ dákú, tí èjìká ò dùn yín, tí oyún ò sì sí níbẹ̀, ìyẹn ni ti Ìyá Ìbejì.

Ìbídùn

Àbúrò mi fẹ́ béèrè nǹkan kan. Dókítà kan sọ fún un pé wọ́n lè fi okùn ran ilé-ẹyin mọ́ ara ògiri ikùn kó má bàa lọ́ mọ́. Dókítà àgbà ní kò sídìí fún un, níwọ̀n bí kókó tó fà á ti kúrò. Ta ló tọ̀nà?

Nọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀dù Obìnrin

Wọ́n ń ṣe méjèèjì, méjèèjì ló sì ní ìdí. Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, tó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́, tí kókó sì ti kúrò, wọn kì í ran án. Tó bá lọ́ lẹ́ẹ̀kejì, tàbí tó jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ló kù fún obìnrin náà, ìgbà náà ni wọ́n máa ń rò ó.

Ṣọlá M.

Wọ́n ran tèmi tó kù. Kò tíì lọ́ rí. Mi ò lè sọ bóyá okùn náà ló ṣe é.

Ìbídùn

Màá sọ fún un. Ó ní kí n tún béèrè lọ́wọ́ yín, ṣé òun ṣì lè máa fo okùn?

Nọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀dù Obìnrin

Kó jẹ́ kí ojú abẹ náà jinná ná. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kó tún béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é.